Nígbà Tí Ìlọ́po Ìyára Kò Hàn sí Ojú: Dírááfù NVMe àti Ìran PCIe

 

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ẹni tó bá fẹ́ ra dírááfù NVMe lónìí yóò rí oríṣi mẹ́ta lórí àtẹ. Ìrísí kan náà ni wọ́n ní: pẹlẹbẹ tín-ín-rín, mìlímítà 22 ní fífẹ̀, mìlímítà 80 ní gígùn. Àmọ́ lára páálí ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ pé ó ń ka mẹ́gábáìtì 3,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti èkejì jẹ́ 7,000. Ti ẹ̀kẹta ń lọ sí 14,000. Bí iye yìí ṣe ń gòkè ni owó náà ń gòkè. Ẹni tó ra èyí tó wọ́n jù á gbé e délé, á tò ó sínú kọ̀m̀pútà rẹ̀, á tan iná sí i, á wá máa wojú ẹ̀rọ. Windows ń gbéra bó ṣe ń gbéra tẹ́lẹ̀. Ojú ìwé ayélujára ń ṣí bó ṣe ń ṣí tẹ́lẹ̀. Ó wá ń bi ara rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú ní jìbìtì.

Wọn kò lù ú ní jìbìtì. Òótọ́ ni iye tó wà lára páálí. Ohun tí iye yẹn ń wọ̀n ni ọ̀pọ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe, ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ kò sì sí lára páálí rárá. Ìyẹn ni mo fẹ́ ká tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iye náà ti wá. PCIe ni ọ̀nà tí dírááfù fi ń bá ọpọlọ kọ̀m̀pútà sọ̀rọ̀. Léènì ni wọ́n ń pe ẹyọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Wáyà méjì ni dátà ń gbà lọ nínú rẹ̀, wáyà méjì mìíràn ló ń gbà bọ̀. Dírááfù NVMe tí à ń rà lọ́jà sábà máa ń lo léènì mẹ́rin, ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí "x4" lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ PCI-SIG ló ń gbé ìlànà iṣẹ́ ọ̀nà yìí jáde. Ìran kẹta jáde ní 2010, ìkẹrin ní 2017, ìkarùn-ún ní 2019. Nínú àwọn ìran mẹ́ta yìí, iye léènì kò pọ̀ sí i. Ohun tó yí padà ni bí àmì iná ṣe ń yára tó lórí wáyà kan náà: ó di ìlọ́po méjì ní ìran kọ̀ọ̀kan.

Ní ìran kẹta, léènì kan ń rán bíìtì bílíọ̀nù 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú bíìtì 130 tó bá rán, 128 ni dátà gan-an; méjì tó kù ni àmì tí ẹni tó ń gbà á fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, tí a sì fi mẹ́jọ pín bíìtì ká tó rí báìtì, ó ń di nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 985 fún léènì kan, 3,938 fún léènì mẹ́rin. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ ti dé ìran kẹrin: 7,877. Ẹ tún un lọ́po, ìran karùn-ún nìyẹn: 15,754. Apá kan nínú iye yìí ni àdírẹ́sì àti àyẹ̀wò tó ń bá ìdì dátà kọ̀ọ̀kan rìn ń gbà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé dírááfù ìran kẹta tó dára ń dúró sí 3,500, ti ìran kẹrin ń dúró sí 7,000 tàbí díẹ̀ lé. Dírááfù Samsung 970 EVO Plus tó kún ọ̀nà ìran kẹta ń ka 3,500. Samsung 990 PRO tó kún ọ̀nà ìran kẹrin ń ka 7,450. Ẹ rí i pé ọ̀nà ló ń pààlà fún wọn. Dírááfù méjèèjì fẹnu kan ògiri.

Nítorí náà, ohun tí páálí ń sọ ni bí ọ̀nà ṣe gbòòrò tó nígbà tó bá kún dẹ́múdẹ́mú. Kí ọ̀nà tó lè kún bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti máa ka fáìlì ńlá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọ̀pọ̀ ìbéèrè sì wà lórí ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, tí dírááfù yóò fi máa dá gbogbo wọn lóhùn pọ̀. Ẹ wá bi ara yín: ìgbà wo ni ẹ ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn?

Nígbà tí ẹ bá tan kọ̀m̀pútà yín, tí ẹ ṣí ẹ̀rọ ìwákiri tàbí ìwé tí ẹ ń tẹ̀, ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ dírááfù kì í ṣe fáìlì ńlá kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ni, tí wọ́n fọ́n káàkiri. Lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú, wọn kì í béèrè wọn pọ̀. Kọ̀m̀pútà á ka èyí kan, á wo ohun tó wà nínú rẹ̀, kó tó mọ èyí tó kàn láti béèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lórí ìlà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ìbéèrè kan bẹ́ẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ká ní báìtì 4,096 ni kọ̀m̀pútà béèrè, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù. Máíkírósẹ́kọ̀ǹdù ni a máa fi wọn àkókò rẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Lórí ọ̀nà ìran kẹta, báìtì 4,096 ń gba nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ̀ǹdù kan láti kọjá. Lórí ìran kẹrin, ìlàjì rẹ̀. Lórí ìran karùn-ún, ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí báìtì tó dé ojú ọ̀nà, wọ́n ní láti kà á jáde látinú sẹ́ẹ̀lì fíláàṣì. Sẹ́ẹ̀lì yìí ń pa iná mọ́ sínú. Ẹ̀rọ ní láti wọn ìwọ̀n iná náà dáadáa kó tó mọ bíìtì tó wà níbẹ̀. Nínú fíláàṣì tí sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé bíìtì mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní TLC, ìwọ̀n yìí nìkan ń gba nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ̀ǹdù 50. Fi iṣẹ́ kọntírólà àti ti ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́ kọ̀m̀pútà kún un, ká pè é ní 60.

Ní 60 fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, dírááfù lè dáhùn nǹkan bí 16,700 ìbéèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi 4,096 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí mẹ́gábáìtì 68. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: dírááfù tí wọ́n kọ 3,500 sí lára ń ṣe 68. Ẹ jẹ́ ká wá gbé dírááfù yìí sórí ọ̀nà ìran kẹrin láìyí ohun mìíràn padà. Ìlàjì máíkírósẹ́kọ̀ǹdù la jèrè. 60 di 59 àti ààbọ̀. Mẹ́gábáìtì 68 di nǹkan bí 69. Ọ̀nà ti di ìlọ́po méjì, ẹni tó jókòó nídìí kọ̀m̀pútà kò rí nǹkan kan.

Iyán tí a fẹ́ jẹ, orí iná ni iṣu rẹ̀ ti ń pẹ́. Gbígbé àwo láti ilé ìdáná dé orí tábìlì kì í gba àsìkò. Bí a bá fẹ ọ̀nà ilé ìdáná lójú, iṣu kò ní torí ìyẹn tètè jinná.

Ẹni tó bá ti wo èsì àyẹ̀wò lè sọ fún mi pé òun rí dírááfù ìran kẹrin tó ń ṣe 85 tàbí 90 nínú ìdánwò yìí gan-an, tí ti ìran kẹta ń ṣe 55. Òótọ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ló mú un wá. Dírááfù tuntun ń lo fíláàṣì tuntun tí kíkà rẹ̀ yá, àti kọntírólà tó gbọ́n jù. Bí ẹ bá ti irú dírááfù bẹ́ẹ̀ bọ ihò ìran kẹta, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò pàdánù nínú 85 náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 7,000 rẹ̀ á ṣubú sí 3,500. Nítorí náà, ẹni tó ń rò pé nọ́ńbà ìran ló ń sọ bí kọ̀m̀pútà òun á ṣe já fáfá tó, ohun tí kò ṣe iṣẹ́ náà ló ń yìn.

Ohun kejì tó ń bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀m̀pútà fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá kà látinú dírááfù kì í ṣeé lò bó ṣe wà. Wọ́n ti fún un pọ̀. A ní láti tú u, ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká tò ó sínú ìrántí. Géèmù ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Lórí kọ̀m̀pútà, ọ̀pọ̀ géèmù ni ọpọlọ kọ̀m̀pútà ń tú ẹrù wọn, tí dírááfù á sì máa dúró dè é. Ẹ pààrọ̀ ìran kẹta sí ìkẹrin, àkókò tí géèmù fi ń gbéra sábà máa ń fi ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ dín. PlayStation 5 tó jáde ní 2020 gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn tó ṣe é fi ẹ̀rọ kan sínú rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títú ẹrù yìí nìkan, kí ọpọlọ rẹ̀ lè ráyè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fi dírááfù kún un pé ìran kẹrin ni kó lò, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kó máa ka mẹ́gábáìtì 5,500, ó kéré tán. Níbẹ̀, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ti tún ibi tí ẹrù ń dé ṣe kó lè gbà á. Microsoft ti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wá sórí Windows lábẹ́ orúkọ DirectStorage, ṣùgbọ́n géèmù tó ń lò ó lórí kọ̀m̀pútà kò tíì pọ̀.

Níbo wá ni ìyàtọ̀ ti ń hàn? Níbi tí ẹrù ńlá bá ń lọ láti orísun tó yá dé ibi tó yá, tí kò sì sí ẹni tó ń dá a dúró láàárín. Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ ẹni tó ń ya fídíò òde, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣe é, owó yín sì ń bá dírááfù lọ.

Ká ní ẹ ti òde dé pẹ̀lú gígábáìtì 200. Inú káàdì SD ló wà, irú tó wọ́pọ̀, tí ń fúnni ní mẹ́gábáìtì 90 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dída gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀m̀pútà yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 37. Ìṣẹ́jú 37 ni lórí ìran kẹta, ìṣẹ́jú 37 ni lórí ìran karùn-ún, nítorí káàdì ló ń fa ẹsẹ̀. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra dírááfù ìran karùn-ún níbí, ẹ fi ra káàdì àti ẹ̀rọ tó ń kà á tó yá jù.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àtòpọ̀ náà ńkọ́? Fídíò 4K ní ProRes 422 HQ, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 92 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí kámẹ́rà mẹ́rin bá ń ṣí pọ̀ lójú ẹ̀rọ, kò tó 400. Ìran kẹta gbé e láìmí gule. Bí fídíò bá ń dúró ségesège lọ́wọ́ yín, ọpọlọ kọ̀m̀pútà tàbí káàdì àwòrán ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fura sí ìran dírááfù.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé gígábáìtì 200 náà láti dírááfù kan sí òmíràn nínú kọ̀m̀pútà kan náà. Níbí, ọ̀nà ń ṣiṣẹ́. Lórí ìwé, ìran kẹta á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ìran kẹrin á lo ìlàjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ sínú fíláàṣì nira ju kíkà lọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n fi nǹkan pamọ́ sí fún wa. Dírááfù TLC máa ń ya apá kan sọ́tọ̀, tó ń kọ bíìtì kan ṣoṣo sínú sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, nítorí ó yá. Káàṣì ni wọ́n ń pè é. Iye ìkọ̀wé tó wà lára páálí, ti káàṣì yìí ni. Bí káàṣì bá kún, dírááfù á bẹ̀rẹ̀ sí kọ bíìtì mẹ́ta sínú sẹ́ẹ̀lì, ìyára á sì já wálẹ̀.

Ká ní káàṣì gba gígábáìtì 100, tí ìyára lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 1,500. Dírááfù ìran kẹta tó ń kọ 3,000 á lo ìṣẹ́jú-àáyá 33 fún ìdajì àkọ́kọ́, 67 fún ìdajì kejì: 100 lápapọ̀. Ìran kẹrin tó ń kọ 6,000 á lo 17, kó tó lo 67 kan náà: 84. Ìlọ́po méjì tí a sanwó fún di ìṣẹ́jú-àáyá 16 nínú 100. Bí ó bá wá jẹ́ fíláàṣì QLC, tí sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé bíìtì mẹ́rin, àwọn kan wà tí ìyára wọn lẹ́yìn káàṣì ń já sí 150. Gígábáìtì 100 tó kù á gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ìran kẹrin" ló wà lára páálí rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ra irú èyí torí nọ́ńbà ìran, tó fi dírááfù TLC ìran kẹta sílẹ̀ lórí àtẹ. Ó dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kíkó fídíò láti ibì kan sí ibòmíràn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Káàṣì yìí tún ń kéré sí i bí dírááfù bá ṣe ń kún, torí inú àyè tó ṣófo ni ọ̀pọ̀ dírááfù ti ń yá a lò. Ẹ lè fojú ara yín rí i: ẹ da fáìlì kan tó tó gígábáìtì 200 láti dírááfù tó yá, kí ẹ sì máa wo àwòrán ìyára tí Windows ń yà. Bó bá ń lọ pẹrẹsẹ lókè, tó wá já wálẹ̀ bí ògiri tó wó, tó sì dúró síbẹ̀, káàṣì ló kún. Bó bá ń lọ sókè sódò bí ìgbì, ooru ni kí ẹ fura sí. Kọntírólà ìran karùn-ún, pàápàá àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ń gbóná gan-an. Bí kò bá sí irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, á dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Nínú láptọ́ọ̀pù tó tẹ́ẹ́rẹ́, nínú yàrá tí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rù ìran karùn-ún máa ń bà mí.

Ibòmíràn tí ọ̀nà gbígbòòrò ti ń sanwó ara rẹ̀ padà ni sáfà, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti ń béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Máíkírósẹ́kọ̀ǹdù 60 wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè púpọ̀ ń dúró pọ̀ níbẹ̀, fíláàṣì púpọ̀ sì ń dáhùn wọn pọ̀. Lórí 3,500, nǹkan bí ìbéèrè 850,000 ló lè kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá ní dátábéèsì tó ń kan ààlà yìí mọ ara rẹ̀, kò nílò kí n gbà á nímọ̀ràn.

Ó ku ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ ju gbogbo èyí lọ. Dírááfù àti ihò ń bá ara wọn ṣe àdéhùn nígbà tí kọ̀m̀pútà bá ń tan, èyí tó kéré jù nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ń gbà. Dírááfù ìran karùn-ún nínú ihò ìran kẹta, ìran kẹta ni. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù, ihò M.2 tó sún mọ́ ọpọlọ kọ̀m̀pútà nìkan ló jẹ́ ìran tó ga jù. Àwọn tó kù lè rẹlẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá ti dírááfù bọ inú àpótí USB tó ń gbé gígábíìtì 10, nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 1,000 ló máa rí, ìran yòówù kó jẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó pààrọ̀ dírááfù yín, ẹ kọ́kọ́ wo ìran tí èyí tó wà nínú kọ̀m̀pútà yín ń lò. Lórí Windows, CrystalDiskInfo máa ń kọ ọ́ síbi "Transfer Mode": ti apá òsì ni èyí tó ń lò lọ́wọ́, ti apá ọ̀tún ni èyí tó lágbára láti lò. Lórí Linux, ẹ tẹ èyí:

```
cat /sys/class/nvme/nvme0/device/current_link_speed
cat /sys/class/nvme/nvme0/device/max_link_speed
cat /sys/class/nvme/nvme0/device/current_link_width
```

"8.0 GT/s PCIe" ni ìran kẹta, "16.0" ni ìkẹrin, "32.0" ni ìkarùn-ún. Ìlà kẹta ni iye léènì. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá kéré sí ìkejì, ihò ni ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, tàbí ìtò BIOS tó dín in kù. Bí ìlà kẹta bá kọ 2 dípò 4, ìdajì ọ̀nà yín ti lọ: ìran kẹrin pẹ̀lú léènì méjì kò ju ìran kẹta pẹ̀lú mẹ́rin lọ. Ẹ pa kọ̀m̀pútà, ẹ yọ dírááfù, ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá eruku wà níbẹ̀, ẹ tún tì í bọ ihò kó wọlé dáadáa, kí ẹ sì tún àṣẹ náà tẹ̀. Bí ó bá ṣì ń sọ 2, ẹ ṣí ìwé mọ́dàbọ́ọ̀dù yín. Àwọn ihò M.2 kan wà tó jẹ́ pé léènì méjì ni wọ́n fún wọn láti ilé iṣẹ́, àwọn mìíràn sì wà tó ń pín léènì pẹ̀lú ihò mìíràn tí ẹ ti ti nǹkan bọ̀.